Ọjà tó wà nílẹ̀, ọjà tó ti lólówó àti ọjà tó ṣeé tà

Ọjà tó wà nílẹ̀, ọjà tó ti lólówó àti ọjà tó ṣeé tà ni iye mẹ́ta tí ọlọ́jà fi ń mọ bí ọjà rẹ̀ ṣe dúró. Ọjà tó wà nílẹ̀ ni gbogbo èyí tí a lè kà nínú ṣọ́ọ̀bù àti ní sítọ́ọ̀, ẹni yòówù kó ni ín. Ọjà tó ti lólówó ni apá kan nínú rẹ̀ tí oníbàárà ti sanwó fún, tàbí tí ọlọ́jà ti gbà láti fi pamọ́ dè é, àmọ́ tí kò tíì kó lọ. Ọjà tó ṣeé tà ni ìyókù tí kò bàjẹ́, ìyẹn èyí tí ọlọ́jà lè kó fún ẹni tó bá wọlé báyìí láì da àdéhùn kankan.

```
ọjà tó ṣeé tà = ọjà tó wà nílẹ̀ − ọjà tó ti lólówó − ọjà tó bàjẹ́
```

Ọjà tí ọlọ́jà ti sanwó rẹ̀ fún alágbàtà, àmọ́ tí ọkọ̀ kò tíì já, kò sí nínú ìṣirò yìí. Ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì ní Iléṣà ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti máa ń fojú hàn jù.

## Bí ọjà ṣe ń ní olówó

Àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló a máa kó aṣọ fún oníbàárà kí owó tó wọlé, wọn á sì padà wá gba owó wọn. Òdìkejì ìyẹn ló ń ṣẹlẹ̀ nídìí sìmẹ́ńtì: owó á wọlé, ọjà á sì wà nílẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́lé lè rí owó gbà lẹ́ẹ̀kan, bóyá láti inú àjọ tàbí láti ọwọ́ ọmọ tó wà lókè òkun. Kò fẹ́ kí owó náà bá ọjà ọ̀wọ́n pàdé, kò sì ní ibi tó gbẹ, tó ní kọ́kọ́rọ́, tó lè kó ọgọ́rùn-ún àpò sí lórí ilẹ̀ tó ń kọ́. Á sanwó gbogbo rẹ̀, á gba rìsíìtì, á sì máa rán ọkọ̀ wá kó ogún àpò lónìí, mẹ́wàá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí bíríkìlà bá ṣe ń béèrè. Àpò kan jẹ́ kílógíráàmù 50, nítorí náà ogún àpò jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gééré.

Èwo ló yẹ kó wọ inú ọjà tó ti lólówó? Èyí tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ pé kò ní àríyànjiyàn. Èyí tí wọ́n san díẹ̀ sílẹ̀ fún, tí ọlọ́jà sì gbà láti fi pamọ́ di ọjọ́ kan pàtó, wà níbẹ̀ títí ọjọ́ náà yóò fi kọjá. Ẹni tó kàn pe fóònù pé "ẹ bá mi mú ọgọ́rin mọ́lẹ̀, mò ń bọ̀" kò tíì ní nǹkan kan nílẹ̀, àfi tí ọlọ́jà bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbà láti dè é. Ọlọ́jà mìíràn lè ní òté tirẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí òté náà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀gá má ṣe máa ka ìpè fóònù mọ́ ọn nígbà tí ọmọṣẹ́ kò kà á.

## Ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù

Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ìṣokùn ní Iléṣà, tí wọ́n ka 240 àpò nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mẹ́jọ nínú rẹ̀ kò dára: àwọn kan ti ya, àwọn kan ti dì. Onílé kan ti san owó 100 àpò, ó ti kó 40, ó ku 60. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ti san owó 50, wọn kò tíì kó ọ̀kankan. Ẹnìkan san ìdajì owó fún 30, wọ́n sì gbà láti dè é di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjà tó ti lólówó jẹ́ 140, èyí tó ṣeé tà sì jẹ́ 92.

Ohun mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Onílé rán ọkọ̀ wá kó 25. Ẹnìkan ra 20, ó sanwó, ó sì kó o lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn san owó 30, ó ní òun á wá kó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

| | Nílẹ̀ | Tó ti lólówó | Tó bàjẹ́ | Tó ṣeé tà |
|---|---|---|---|---|
| Àárọ̀ | 240 | 140 | 8 | 92 |
| Onílé kó 25 | 215 | 115 | 8 | 92 |
| Ìtajà ojú ẹsẹ̀, 20 | 195 | 115 | 8 | 72 |
| Àsansílẹ̀ tuntun, 30 | 195 | 145 | 8 | 42 |

Ìlà kejì àti ìkẹrin ló máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Nígbà tí onílé kó ọjà rẹ̀, ilẹ̀ ṣófo sí i, àmọ́ agbára ọlọ́jà láti tà kò dín rárá. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn sanwó, àpò kankan kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ ọgbọ̀n ti kúrò nínú ohun tó ṣeé tà. Owó ló yí iye náà padà, kì í ṣe àárù.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù dé pẹ̀lú ọkọ̀, ó fẹ́ 60. Ọmọṣẹ́ wẹ̀yìn, ó rí 195 lórí ara wọn, ó ní ọjà pọ̀ nílẹ̀, ó sì tà á. Nílẹ̀ ku 135, tó ti lólówó ṣì jẹ́ 145, mẹ́jọ bàjẹ́. Ọlọ́jà ti jẹ 18 àpò ju ohun tó ní lọ.

Kò sí ẹni tó máa mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí onílé bá dé lọ́jọ́ kejì fún 35 tó kù, á rí i kó. Ṣọ́ọ̀ṣì náà á rí tirẹ̀. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni gbèsè náà máa já lé lórí, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ti kọ́kọ́ sanwó. Ọlọ́jà á ra 18 àpò ní iye tuntun láti fi san ohun tó tà ní iye àtijọ́. Bí àpò kan bá ti fi 1,000 náírà gbówó lórí, 18,000 náírà ti lọ, kò tíì kan owó ọkọ̀.

## Yíyọ lẹ́ẹ̀mejì

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ọjà kì í ṣe ti ọmọṣẹ́ tó ta àtajù. Ó máa ń wá láti inú ọ̀rọ̀ pé ìgbà wo ni kí a yọ ọjà kúrò: nígbà tí owó wọlé, tàbí nígbà tí ọjà jáde? Bí akọ̀wé bá yọ 100 ní ọjọ́ tí onílé sanwó, tí ẹlòmíràn sì tún yọ 40 ní ọjọ́ tí ọkọ̀ wá kó o, ìwé á máa pe ọjà ní díẹ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Ìlànà tó rọrùn ni pé kí iye tó wà nílẹ̀ yí padà nígbà tí àpò bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá nìkan, yálà ó ń wọlé tàbí ó ń jáde. Ojú ìwé àsansílẹ̀ ni kí owó yí padà. Ní ọjọ́ tí oníbàárà bá wá kó ọjà, a ó dín ojú ìwé méjèèjì kù ní iye kan náà, a ó sì kọ ìyókù sára rìsíìtì rẹ̀ àti sára ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù: "ó ku 35".

Àyẹ̀wò méjì ló ń tú àṣìṣe fó. Èkíní, kí a kó ẹ̀dà rìsíìtì tí wọn kò tíì kó ọjà rẹ̀ tán jọ, kí a ro ìyókù wọn pọ̀, kí a sì fi wé àpò tó dára nílẹ̀. Bí rìsíìtì bá ju àpò lọ, ọjà olówó ni wọ́n ti tà. Èkejì, bí àpò tí a kà bá ju ti inú ìwé lọ, kí a wò ó bóyá iye tó fi jù bá ìyókù oníbàárà kan, tàbí gbogbo iye tó sanwó fún, mu gẹ́lẹ́. Bó bá bá a mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ tó sanwó ni wọ́n ti yọ ọjà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àpò ló kéré sí ti ìwé, olè, àpò tó ya tí wọn kò kọ sílẹ̀, tàbí ọjà tó jáde láìsí rìsíìtì ni kí a kọ́kọ́ wá.

## Ìyàsọ́tọ̀ àti òfin

Ó dà bíi pé ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí a to àpò oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tọ̀. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń wọ àpò rẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń dín bó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀, kódà lórí pákó tí kò kan ògiri. Ọjà tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń kó díẹ̀díẹ̀ lè ti dì kí ó tó kó èyí tó kẹ́yìn. Nítorí náà àwọn ọlọ́jà máa ń kọ́kọ́ gbé èyí tó ti pẹ́ jáde fún ẹni tó bá dé, wọn a sì fi tuntun rọ́pò. Iye ni oníbàárà ní nílẹ̀, kì í ṣe àpò báyìí-báyìí.

Òfin fara mọ́ èyí lọ́nà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò fura sí. Òfin títa ọjà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1893, tí òfin ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé, sọ pé ọjà tí a kò tíì dá mọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì di ti ẹni tó rà á, bó tilẹ̀ ti sanwó. Ẹni tó ni ọjà ló sì máa ń ru òfò rẹ̀, àfi tí wọ́n bá ṣe àdéhùn mìíràn. Bí òrùlé bá jò sórí àpò tí a tò pọ̀, òfò náà sábà máa ń jẹ́ ti ọlọ́jà. Bí wọ́n bá ti jọ ya 50 sọ́tọ̀ tí wọ́n sì kọ orúkọ sí i, ó lè di ti oníbàárà, pàápàá bí ọlọ́jà bá ti tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Nínú ìṣirò owó, owó àsansílẹ̀ jẹ́ gbèsè lọ́rùn ọlọ́jà títí tí ọjà yóò fi di ti oníbàárà. Àpò olówó tó wà nílẹ̀ ṣì jẹ́ ọjà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n bá ń ka ọjà ní ìparí ọdún, níwọ̀n bí wọn kò bá tíì yà á sọ́tọ̀.

## Àwọn ọjà mìíràn àti ètò orí kọ̀ǹpútà

Táìsì yàtọ̀ sí sìmẹ́ńtì. Àwọ̀ rẹ̀ lè fi díẹ̀ yàtọ̀ láti ìgbà kan tí wọ́n ṣe é sí òmíràn, nítorí náà páálí tí oníbàárà sanwó fún gbọ́dọ̀ dá dúró. Bákan náà ni ọ̀dà tí wọ́n ti pò fún ẹnìkan. Aṣọ ẹbí jọ táìsì lórí èyí. Níbi tí oníbàárà ti ń sanwó tó sì ń gbé ọjà lọ lójú ẹsẹ̀, bíi ṣọ́ọ̀bù bísíkíìtì àti mílíìkì ní Lágere ní Ilé-Ifẹ̀, ọjà tó ti lólówó sábà máa ń jẹ́ òdo, ìwé kan ṣoṣo sì tó.

Lórí ètò kọ̀ǹpútà bíi Shopify, `On hand`, `Committed` àti `Available` ni wọ́n ń pe iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjà tó bàjẹ́ sì wà lábẹ́ `Unavailable`. Zoho Inventory ń kọ ọ́ ní `Stock on Hand`, `Committed Stock` àti `Available for Sale`. Ètò bẹ́ẹ̀ ń ka ọjà mọ́ èyí tó ti lólówó nígbà tí wọ́n bá tẹ ìtajà náà sínú rẹ̀. Àsansílẹ̀ tí ọ̀gá gbà nílé lálẹ́, tó kọ sẹ́yìn káàdì ìpè, kò sí lójú rẹ̀.