Níbo ni owó tí ẹ san wọlé sí?

Àwọn bàbá wa mọ ọjà àwìn dáadáa. Oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà á gbé aṣọ fún ọ lónìí, tó bá dọjọ́ owó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, á ní òun ò dìde àfi tóun bá gbowó òun. Ibẹ̀ lorúkọ Òṣómàáló ti wá. Oníláwìn òde òní ò lóṣòó sílé ẹnikẹ́ni. Inú áàpù ló jókòó sí, owó ìtanràn ló ń bá a lóṣòó.

Mo ti ṣiṣẹ́ gbígba gbèsè rí kí n tó di akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun tí kì í yé àwọn èèyàn kì í ṣe iye owó ìtanràn. Ohun tí oníláwìn kọ́kọ́ fi owó wọn san ni kì í yé wọn.

Ìyá kan tó ń ta ohun mímu tútù ra fìríìsà ₦360,000. Ó san ₦108,000 sílẹ̀, ó ku ₦252,000. Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù kan, fún oṣù mẹ́fà, ìyẹn ₦75,600. Tí a bá pín gbogbo rẹ̀ sọ́nà mẹ́fà, ₦54,600 ni yóò máa san ní ọjọ́ 28 oṣooṣù. Ìtanràn jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún owó tó bá pẹ́, lójoojúmọ́.

Ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn lóṣù àkọ́kọ́, ogún ọjọ́ sì kọjá kó tó san ₦54,600 rẹ̀ pé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àmọ́ ìtanràn ogún ọjọ́ ti di ₦10,920, òun sì ni àdéhùn ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ. ₦43,680 péré ló kàn gbèsè gan-an. Iye tó ṣẹ́ kù, ₦10,920, tún ń bí ìtanràn tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28 tó tẹ̀ lé e, ₦1,092 ti gun orí rẹ̀. Ó san ₦54,600 lọ́jọ́ náà gan-an, kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ áàpù kọ ọ́ sí pupa pé ó jẹ ₦12,012. Ẹ wò ó dáadáa: ₦12,012 yẹn ò lé, kò dín sí àpapọ̀ ìtanràn tí wọ́n ti yọ. Obìnrin náà ti san owó oṣù méjì pé pérépéré.

Báyìí lẹ ṣe máa dá a mọ̀: tẹ́ ẹ bá ń san iye tó yẹ tí gbèsè ò sì tán, ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín owó kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́.

Ìyá náà ní kí oníláwìn fa àsìkò gùn fóun. Wọ́n gbà kíá, ìyára yẹn ló sì kọ mí lóminú. Wọ́n kó ₦12,012 pọ̀ mọ́ oṣù mẹ́rin tó kù, ó di ₦230,412, wọ́n wá gbé èlé tuntun oṣù mẹ́fà lé gbogbo rẹ̀. Nǹkan bí ₦49,923 ló máa san lóṣooṣù. Ó dà bí ẹni pé ó rọrùn, àmọ́ nǹkan bí ₦69,124 ló fi kún gbèsè, èlé lórí èlé, èlé lórí ìtanràn.

A kọ ohun mìíràn ránṣẹ́ sí wọn. Nínú ₦218,400 tó kù, ₦168,000 péré ni owó ọjà, èlé ni ìyókù. Oṣù méjì péré la fẹ́ fi kún un, nítorí náà kí wọ́n gba èlé oṣù méjì lórí owó ọjà nìkan, ìyẹn ₦16,800, kí wọ́n sì pa ìtanràn rẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦235,200, ₦39,200 lóṣooṣù. A tún bẹ̀bẹ̀ pé kí ọjọ́ ìsanwó di ọjọ́ 7, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbà á láwìn lọ́wọ́ tirẹ̀ kì í sanwó ṣáájú ọjọ́ 5. Wọ́n gbà. Kò pọn dandan fún wọn láti gbà o, àmọ́ oníláwìn mọ̀ pé fìríìsà àlòkù ò níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọjọ́ ìsanwó kò tíì kọjá ló dáa jù láti bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yìí. Tí wọ́n bá ti fa gbèsè lé àwọn agbowó lọ́wọ́, ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lè má láṣẹ láti pa kọ́bọ̀ rẹ́.

Mo ní kó má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù, kí wọ́n fi ímeèlì tó ní ọjọ́ àti iye owó ránṣẹ́. Ó dáa tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pa àṣẹ tó fún wọn lórí káàdì báńkì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ọjọ́ 28 sì dé, ₦54,600 jáde. Ímeèlì yẹn ló fi gba owó rẹ̀ padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án.