Ògbufọ̀ ojú-ẹsẹ̀: nígbà tí ọmọ bá ń gbẹnu sọ fún ìyá rẹ̀ ní kílíníìkì

Ògbufọ̀ ojú-ẹsẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pè ní kílíníìkì pé kó wá túmọ̀ ọ̀rọ̀, torí pé ó wà nítòsí, ó sì gbọ́ èdè méjèèjì. Ó lè jẹ́ ọmọ aláìsàn, ọkọ rẹ̀, tàbí ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ṣe gbọ́ èdè tó.

Ní gúúsù Kwara, ẹ wo ìyá Fúlàní tó wá láti gáà. Ó ń ta wàrà, ó sì mọ Yorùbá ọjà dáadáa: ó ń kí èèyàn, ó ń ná owó, ó ń ṣẹ́ ṣéńjì. Èyí gan-an ló máa ń tan nọ́ọ̀sì jẹ. Ẹni tó lè fi Yorùbá ta wàrà lè má ní ọ̀rọ̀ kankan fún ilé ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wá há, wọ́n á pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, tó ń lọ sílé ìwé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ìsàlẹ̀ ikùn ń dun òun, lápá kan. Nọ́ọ̀sì ní, "Bi ìyá ẹ pé ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù kẹ́yìn." Ọmọ náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ nǹkan oṣù. "Oṣù" nìkan ló dá mọ̀, ló bá bi ìyá rẹ̀ pé láti ìgbà wo ni inú ti ń run ún. Ìyá ní ó di ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ní, "Ó ní ọjọ́ mẹ́ta." Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì pé nǹkan oṣù dé ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ìyá ń rí wá bá a mu wẹ́kú, kò sì sẹ́ni tó ronú àyẹ̀wò ìtọ̀ fún oyún. Wọ́n fún un ní oògùn inú rírun, ó lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje ni kò tíì rí nǹkan oṣù. Oyún náà lè ti dúró sínú òpó tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ. Bí òpó náà bá bẹ́, inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sí: òòyì á kọ́ ọ, á dákú, èjìká pàápàá lè máa dùn ún. Ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ náà kò purọ́. Ìdáhùn rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, ìyẹn ni kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fura.

Ká tiẹ̀ ní ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ náà, ṣé ó lè bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ti ṣẹ́ oyún rí? Ṣé ìyá á dá a lóhùn? Ìtìjú á fọ ìbéèrè náà mọ́ kó tó dé etí ìyá. Bó bá sì jẹ́ ìròyìn búburú ni, ọmọ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òun náà ló tún máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ọkọ mọ ọ̀rọ̀ ju ọmọ lọ, àmọ́ ọ̀ràn náà kàn án. Obìnrin tó fẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tàbí tí ọkọ ń lù, kò ní lè gba ẹnu ọkọ sọ ọ́. Bí ọkọ bá sì dáhùn "ó gbà" fún iṣẹ́ abẹ láìbi ìyàwó, ìyàwó fúnra rẹ̀ kò tíì gbà.

Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ ìlera bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé e, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. "Níbi tó bá ti ṣeé ṣe" yìí ni ọ̀pọ̀ ń sá sábẹ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gba ọmọdé láyè láti túmọ̀ àfi ní pàjáwìrì tí ẹ̀mí wà nínú ewu tí ògbufọ̀ gidi kò sì sí nítòsí.

Ohun tó ṣeé ṣe níbí ni kí kílíníìkì kọ orúkọ àgbàlagbà méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ fún Fúlàní, Núpé àti Haúsá, kí obìnrin wà nínú wọn, kí wọ́n ṣèlérí pé àwọn ò ní tú àṣírí, kí fóònù wọn sì wà lára ògiri yàrá nọ́ọ̀sì. Fóònù tó wà lórí gbohùngbohùn dára ju ọmọ tó dúró síwájú yín. Aláìsàn ni kí ẹ kọjú sí, kì í ṣe ògbufọ̀. Ẹ má bi ju ìbéèrè kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí aláìsàn bá sọ̀rọ̀ gígùn tí ògbufọ̀ sì dáhùn pẹ̀lú "rárá" kan ṣoṣo, tàbí tó dáhùn láìtíì bi í, ẹ dá a dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ padà. Ká ní wọ́n ní kí ìyá yẹn sọ ìbéèrè tí wọ́n bi í padà, àṣìṣe náà ì bá ti hàn.

Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, tí ọmọ nìkan ló wà, ibi tó ń dun aláìsàn, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tó ti lò ni kí ẹ bi í. Ẹ kọ ọ́ sínú káàdì pé ọmọ ló túmọ̀. Bí àgbàlagbà bá ti dé, ẹ tún gbogbo ìbéèrè náà bi láti ìbẹ̀rẹ̀.