Lẹ́tà Mẹ́fà Kì í Ṣe Tíkẹ́ẹ̀tì

Ní gáréèjì Kàbà, ẹni tó ń lọ sí Àbújá rí ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀, ó rí awakọ̀, ó sì lè fọwọ́ kan ìjókòó tó fẹ́ sanwó rẹ̀. Ìjókòó inú bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé kò sí pápákọ̀ òfurufú tí èrò ti lè wọ bàálù ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ a máa forí lé Ìlọrin, ẹni tó wà ní Kàbà tàbí Ìyàrà a sì gba Àbújá tàbí Àkúrẹ́ lọ. Ìrìn tó jìn báyìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò rí rí, tí ojúlùmọ̀ kan fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníjìbìtì ń dúró sí.

Ohun tó mú iṣẹ́ wọn rọrùn ni pé ọ̀pọ̀ èrò kò mọ̀ pé gbígba àyè sílẹ̀ yàtọ̀ sí níní tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ejẹ́ńtì bá tẹ orúkọ èrò sínú ẹ̀rọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń lò, ẹ̀rọ náà yóò ṣí fáìlì kan, yóò kọ orúkọ àti ọ̀nà ìrìnnà sí i, yóò sì fún un ní kóòdù oníbi mẹ́fà, lẹ́tà nìkan tàbí lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà. Òun ni wọ́n ń kọ sójú ìwé gẹ́gẹ́ bí Booking Reference tàbí PNR. Lásìkò tí kóòdù yìí bá jáde, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì san kọ́bọ̀. Kóòdù náà dà bí fìlà tí èèyàn gbé sórí ìjókòó ní gáréèjì: ó sọ pé ẹnì kan fẹ́ jókòó síbẹ̀, kò sọ pé ẹni náà ti sanwó. Fìlà yìí sì ní àkókò tó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń fún ejẹ́ńtì ní gbèdéke, ó lè jẹ́ wákàtí díẹ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí irú owó ọkọ̀ náà bá ṣe rí. Bí gbèdéke bá kọjá láìsanwó, ẹ̀rọ yóò pa àyè náà rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí owó bá wọlé ni tíkẹ́ẹ̀tì tó ń jáde, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí kóòdù yẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ díjíìtì 13, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín: 071 ni ti Ethiopian, 157 ni ti Qatar, 125 ni ti British Airways, 235 ni ti Turkish. Láìsí nọ́ńbà yìí, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí káńtà kò ní ohun tí yóò fi fún èrò ní ìwé ìwọkọ̀, bó ti wù kí kóòdù rẹ̀ dára tó.

Ká ní ìyá kan ní Kàbà fẹ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí yóò wọ Ethiopian ní Àbújá, tí yóò sì pààrọ̀ bàálù ní Àdísì Àbábà. Alágbàtà kan tí ẹnì kan nínú ìjọ wọn dárúkọ sọ pé ₦1,350,000 ni owó rẹ̀, àti pé ẹ̀dínwó náà yóò parí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù: àmì ilé-iṣẹ́ náà wà lókè, orúkọ ìyá wà níbẹ̀ láìsí àṣìṣe, kóòdù rẹ̀ sì ni QXKLMT. Ó ní kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá náà tẹ ethiopianairlines.com fúnra rẹ̀, ó lọ síbi tí èrò ti ń wo àyè rẹ̀, ó tẹ kóòdù àti orúkọ ìdílé wọn. Lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ jáde: orúkọ, ọjọ́, àti ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sanwó, wọn kò sì gọ̀, nítorí pé kóòdù náà kì í ṣe ayédèrú. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí fa ojú ìwé náà wá sísàlẹ̀ láti wá nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 071, kò sì rí i. Ohun tó rí ni ọ̀rọ̀ pé wọn kò tíì sanwó àyè náà. Ó pe alágbàtà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì màmá dà?”

“Kóòdù tí mo fi ránṣẹ́ yẹn náà ni tíkẹ́ẹ̀tì. Àbí ẹ ò rí orúkọ màmá níbẹ̀ ni?”

Ìdáhùn yìí tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ejẹ́ńtì tó ń ṣòótọ́ yóò sọ pé àyè lòun ṣì gbà, pé tíkẹ́ẹ̀tì yóò jáde tí owó bá wọlé, yóò sì sọ agogo tí gbèdéke yóò pé. Kò sí ohun tó burú nínú gbígba àyè sílẹ̀. Pípè é ní tíkẹ́ẹ̀tì ni jìbìtì. Nígbà tí ọmọ náà tún tẹ kóòdù yẹn láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ojú ìwé sọ pé kò sí àyè kankan pẹ̀lú irú kóòdù bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n ti sanwó ni, kò sí ohun tí alágbàtà náà ì bá pàdánù, torí pé ṣíṣí fáìlì àyè lórí ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́.

Nítorí náà ojú ìkànnì ilé-iṣẹ́ ló yẹ kí a ti rí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó lè ya àmì ilé-iṣẹ́ sórí àwòrán lè kọ díjíìtì 13 sí i pẹ̀lú. Bí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ kan kò bá fi nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì hàn, kí a pe ilé-iṣẹ́ náà lórí nọ́ńbà tó wà lójú ìkànnì wọn gan-an, kí a bi wọ́n bóyá tíkẹ́ẹ̀tì ti jáde lórí kóòdù yẹn, àti bóyá ó ṣì ṣí sílẹ̀ fún lílò. Nọ́ńbà tí alágbàtà bá fún ni kò wúlò fún èyí, nítorí pé agbódegbà rẹ̀ lè wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fi ohùn òṣìṣẹ́ dáhùn.

Líǹkì tí alágbàtà bá fi ránṣẹ́ pàápàá kò ṣeé tẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣe ojú ìwé tó jọ ti ilé-iṣẹ́ bí ìbejì, tó jẹ́ pé ìlà kékeré kan tàbí lẹ́tà kan ló yàtọ̀ nínú àdírẹ́sì rẹ̀. Ọgbọ́n kékeré kan wà tó máa ń tú wọn fó: kí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ nínú kóòdù náà, bíi QXKLMB dípò QXKLMT. Ojúlówó ìkànnì yóò kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé jìbìtì yóò gbà á, yóò sì tún gbé orúkọ ìyá náà jáde, nítorí pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ ju àwòrán tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tó lè mú kí a fura sí aláìṣẹ̀. Ejẹ́ńtì máa ń lo ẹ̀rọ tí àwọn alágbàtà fi ń gba àyè, bíi Amadeus, Sabre tàbí Travelport, fáìlì tó wà níbẹ̀ sì lè ní kóòdù tó yàtọ̀ sí èyí tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fún un. Bí kóòdù kò bá ṣí lójú ìkànnì ilé-iṣẹ́, kí a kọ́kọ́ béèrè kóòdù tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà gan-an. Èyí tó bá jẹ́ ti Amadeus sábà máa ń ṣí ní checkmytrip.com. Ẹni tí kò bá lè mú ọ̀kankan wá tó ṣí níbikíbi kò ní nǹkan lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tó dé. Ejẹ́ńtì lè fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì tó ti jáde kí ọjọ́ náà tó parí, kí owó má sì jáde lápò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a tún wò ó ní ọjọ́ kejì, àti ní ìgbà díẹ̀ sí i kí ọjọ́ ìrìnnà tó pé. Èyí tó burú jù ni tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi káàdì olówó ẹlòmíràn rà. Kóòdù rẹ̀ pé, nọ́ńbà rẹ̀ pé, ilé-iṣẹ́ yóò sì ní ó dára, títí ẹni tó ni káàdì yóò fi rí i pé owó ti kúrò nínú àkáǹtì òun, tí yóò sì fẹjọ́ sun bánkì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yóò wọ́gi lé e, nígbà mìíràn nígbà tí èrò ti wà lọ́nà Ọ̀bàjànà pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Kò sí ojú ìwé tó lè fi èyí hàn ṣáájú. Owó rẹ̀ ló ń fi í hàn: kí a wo iye tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń gbà fún ọ̀nà àti ọjọ́ kan náà. Ejẹ́ńtì lè dín díẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí yóò ti rí ìlàjì owó dín. Tí alágbàtà bá tún ní kí owó wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo dípò orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ó ti tó.

Ní ti àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀, tí wọ́n ń ní ẹnì kan ò lọ mọ́, pé àwọn fẹ́ ta àyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Orúkọ ẹni tó ni tíkẹ́ẹ̀tì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ń fi wé káàdì ìdánimọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn wọlé, àwọn ilé-iṣẹ́ kì í sì í sábà jẹ́ kí a yí i padà sí orúkọ ẹlòmíràn. Káńtà ilé-iṣẹ́ náà kò jìnnà síbi tí wọ́n dúró sí.

Bí owó bá ti lọ, bánkì ni kí a kọ́kọ́ pè, ní ìṣẹ́jú tí a mọ̀ ọ́n gan-an, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì tó gbà á, kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá a dúró kí ẹni náà tó kó o jáde. Lẹ́yìn náà ni kí a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Kí a má pa ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù náà rẹ́, bó ti wù kí inú bí wa tó, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlérí tó pe kóòdù ní tíkẹ́ẹ̀tì wà.