Ìjáfara DNS: ìdí tí ojú-ìwé fi ń pẹ́ ṣí nígbà tí fáìlì ń yára wọlé

Ìjáfara DNS ni ìdúró tó máa ń wáyé kí kọ̀mpútà tó rí nọ́ńbà tó dúró fún orúkọ ìkànnì kan. Orúkọ bíi yo.wikipedia.org rọ ènìyàn lọ́rùn láti rántí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni àwọn ẹ̀rọ fi ń wá ara wọn. Sáfà DNS ló ń bá wọn wá a. Iléeṣẹ́ tó ń ta dátà fúnni ló sábà máa ń yan sáfà yìí, oníbàárà kì í sì í mọ̀.

Ìdánwò ìyára lásán kì í fi ìjáfara yìí hàn. Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgbowó, n'Íbàdàn, tí ìlà rẹ̀ ń gbé mẹ́gábáìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí sáfà DNS rẹ̀ sì ń lo ìṣẹ́jú àáyá 0.4 kó tó dáhùn. Fáìlì mẹ́gábáìtì 60 yóò gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 12. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló béèrè orúkọ, nítorí náà kò ní fura rárá. Ojú-ìwé ìròyìn kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan ló ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òmíràn ló ni àwòrán, òmíràn ló ni ìpolówó. Bí orúkọ mẹ́rin bá tò tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kan kò ṣeé mọ̀ àfi tí èyí tó ṣáájú bá ti wọlé, ìdúró lásán ti di ìṣẹ́jú àáyá 1.6. Bí ìbéèrè kan bá wá sọnù lọ́nà, kọ̀mpútà tó ń lo Línúsì sábà máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó tún un béèrè. Àmì rẹ̀ nìyí: ojú-ìwé á funfun báláú, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

A lè fi àṣẹ méjì wé sáfà rọ́tà ilé mọ́ ti Google, tó ti wà fún gbogbo ènìyàn láti 2009:

```
dig @192.168.1.1 yo.wikipedia.org
dig @8.8.8.8 yo.wikipedia.org
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ni ti rọ́tà. Ti ilé ẹlòmíràn lè yàtọ̀. Ìlà tí a ó wò ni `Query time`. Bí rọ́tà bá sọ pé 400 msec, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 0.4, tí 8.8.8.8 sọ pé 30, a ti rí ẹlẹ́bi. Ṣùgbọ́n sáfà máa ń fi ìdáhùn pamọ́ fúngbà díẹ̀, nítorí náà ìbéèrè kejì lórí orúkọ kan náà máa ń yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orúkọ bíi mẹ́wàá tí a kò tíì ṣí lọ́jọ́ náà ló yẹ ká fi dán an wò, ká sì tún un ṣe nírọ̀lẹ́ tí èrò bá pọ̀ lórí ìlà.

Sáfà tó yá jù kọ́ ló máa ń dára jù nígbà gbogbo. Àwọn ìkànnì ńlá máa ń wo ibi tí ìbéèrè DNS ti wá kí wọ́n tó yan ẹ̀rọ tí yóò dá oníbàárà lóhùn. Bí sáfà tuntun bá wà l'Éúróòpù, tí kò sì sọ ibi tí oníbàárà wà, wọ́n lè fi ará Ìbàdàn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó wà lókè òkun, nígbà tí irú rẹ̀ wà l'Ékòó nítòsí. Orúkọ á wá yá, àwòrán á sì máa falẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, sáfà àtijọ́ ni ká padà sí, tàbí ká dán sáfà míì tó wà fún gbogbo ènìyàn wò lọ́nà kan náà, bíi 1.1.1.1 tàbí 9.9.9.9.