Owó pàjáwìrì ni kó ṣáájú, kírípítò á tẹ̀lé e: lẹ́tà sí ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè

Ọmọ mi, mo rí mẹ́séèjì ẹ. O ní sálárì àkọ́kọ́ ti wọlé, o sì fẹ́ fi ìdajì ẹ̀ ra Bítíkọ́ìnì kí oṣù tó parí. Mi ò ní sọ fún ẹ wípé kírípítò ò dáa, èmi gan-an ní díẹ̀ lọ́wọ́ (màmá ẹ ò mọ iye ẹ̀, jọ̀ọ́ fi síbẹ̀ bẹ́ẹ̀). Nkan tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, ìyẹn owó pàjáwìrì.

Owó pàjáwìrì yàtọ̀ sí owó tí èèyàn ń tọ́jú kó lè ra nkan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: lọ́jọ́ tí sálárì bá dúró tàbí tí àìsàn bá dé lójijì, òun lá máa san àwọn owó tí ò ṣeé sún síwájú títí wàá fi rí ọ̀nà míì. Oṣù la fi ń wọ̀n ọ́n. Tí wọ́n bá bi ẹ́ wípé èló lo ní, ìdáhùn ẹ ni pé "mo lè gbé oṣù mẹ́ta láìríṣẹ́", iye yòówù kíyẹn jẹ́.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ ṣáájú? Torí pé ẹni tí ò ní in kì í yan ọjọ́ tó máa ta nkan ẹ̀ fúnra ẹ̀, wàhálà ló ń bá a yan ọjọ́. Ìwọ ò tíì mọ̀ wípé mo ní mọ́tò kan kí wọ́n tó bí ẹ, mọ́tò tó dáa gan-an. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, owó ilé pé, mi ò ní kọ́bọ̀ nípamọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi tà á. Ẹni tó rà á ti rí i lójú mi wípé mi ò lè dúró, ló bá fún mi ní owó tí ò tó ìdajì iye ẹ̀, mo sì gbà á, mo tún dúpẹ́.

Kírípítò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Bítíkọ́ìnì kan lé ní ẹgbẹ̀rún 67 dọ́là nígbà yẹn. Ká ní ẹnì kan kó gbogbo owó tó máa jẹ fún oṣù mẹ́fà, ó fi rà á lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹfà ọdún 2022, ó ti já wálẹ̀ sí bí ẹgbẹ̀rún 20. Owó oṣù mẹ́fà ti di owó oṣù méjì tí ò pé. Oṣù kẹfà yẹn náà ni Coinbase, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra kírípítò tí wọ́n sì ń tà á, dá bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ẹ̀ dúró, o rí i, ìgbà tí ọjà bàjẹ́ náà ni iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n jọ máa ń rìn ni. Bítíkọ́ìnì padà lọ sókè lóòótọ́, àmọ́ oṣù kẹta ọdún 2024 kó tó kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ti tà á san owó ilé ní 2022 ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní oṣù mẹ́fà nípamọ́ sí báńkì, tó wá fi owó míì rà á, òun ló lè pa áàpù dé kó máa bá ayé ẹ̀ lọ.

Mo mọ nkan tó o fẹ́ sọ. Wàá ní o lè fi sí stébùkọ́ìnì, ṣebí dọ́là kan ni í máa ń jẹ́. Ó dáa. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹta ọdún 2023, stébùkọ́ìnì kan tó ń jẹ́ USDC já sí bíi sẹ́ńtì 88, torí pé báńkì Silicon Valley Bank tí wọ́n kó lára owó tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sí ṣẹ̀ṣẹ̀ wó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti padà sípò, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó nílò owó ọsibítù ní Sátidé yẹn, iye Sátidé ló máa gbà. UST, stébùkọ́ìnì míì tó já ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ò tiẹ̀ padà rárá. Celsius, ilé iṣẹ́ tó ń gba kírípítò àwọn èèyàn pamọ́ tó sì ń fún wọn lélé, ní tiẹ̀, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún yẹn, ó kàn kéde ni wípé kò sẹ́ni tó lè yọ owó mọ́, o lè máa wo owó ẹ lójú fóònù kó o má lè fọwọ́ kàn án. Owó pàjáwìrì tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ kì í ṣe owó pàjáwìrì.

Báyìí ni kó o ṣe é. Yọ ìwé àkáǹtì oṣù mẹ́ta, kó o fi báírò fa ilà sábẹ́ gbogbo owó tí ò ní dúró bí sálárì bá dúró: oúnjẹ, ọkọ̀, iná, dátà, oògùn. Pín in sí mẹ́ta, ìyẹn á fún ẹ ní ti oṣù kan. Owó ilé tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lò ń san ń kọ́? Pín in sí 12, kó o fi kún un, ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣirò. Ká sọ wípé sálárì ẹ jẹ́ ìpín mẹ́wàá, tí àwọn owó tí ò ṣeé yẹ̀ yìí sì gba mẹ́fà, tí fàájì gba méjì, méjì ló kù. Oṣù mẹ́ta owó ìgbẹ́mìíró jẹ́ ìpín 18, tó o bá ń tọ́jú méjì lóṣù, oṣù mẹ́sàn-án ló máa gbà ẹ́. Tó o bá dín fàájì kù sí ìdajì, oṣù mẹ́fà péré. Oṣù mẹ́fà ò pọ̀ jàre, Bítíkọ́ìnì ò ní sá lọ. Tó o bá wá kúrò níbi iṣẹ́ olóṣù bọ́ sí èyí tí owó ẹ̀ ń wọlé nígbà tó bá wù ú, jẹ́ kó di oṣù mẹ́fà nípamọ́ dípò mẹ́ta.

Fi ti oṣù kan sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí ò ní káàdì, èyí tó kù lè wà níbi tó ti ń jẹ èlé díẹ̀ tí wọ́n sì lè san án fún ẹ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni, ọjà á máa gbówó lórí, agbára owó náà á máa dín díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ǹ bá san kí mọ́tò mi lè dúró lọ́wọ́ mi nìyẹn, ká pè é bẹ́ẹ̀. Kó o dán an wò o: yọ owó kékeré lọ́jọ́ Sátidé, wò ó bóyá ó máa wọlé.

Tó bá ti pé, ìpín mẹ́ta tó o ti ń tọ́jú lóṣooṣù ti di òmìnira, mú lára ẹ̀ ra Bítíkọ́ìnì ẹ. Tó o bá fọwọ́ kan owó pàjáwìrì, dá ríra dúró títí á fi kún padà. Bítíkọ́ìnì tó já wálẹ̀ tó dà bíi wípé wọ́n ń tà á ní gbànjo kì í ṣe pàjáwìrì, màmá ẹ sì ní kí n sọ fún ẹ wípé láàpútọ́ọ̀pù ẹ náà kì í ṣe é, ó ti ń kú láti ọdún méjì sẹ́yìn, gbogbo wa la mọ̀.

Fi ìṣirò oṣù mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sọ́ńdè, kí n bá ẹ wo èyí tó o gbàgbé.

Bàbá ẹ