Ẹ̀ẹ̀kan Ni Àbí Ẹ̀ẹ̀mejì? Bí Jíìnì Tó Bàjẹ́ Ṣe Ń Ti Sẹ́ẹ̀lì Sínú Jẹjẹrẹ

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n kọ́ wa pé jíìnì tó ń dá kókó dúró gbọ́dọ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí jẹjẹrẹ tó wáyé, pé ti jíìnì RAS, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pín, ẹ̀ẹ̀kan péré ń tó. Ìwé kan náà tún sọ pé ọmọ tó bá jogún ẹyọ kan tó bàjẹ́ nínú RB1, ọ̀kan lára jíìnì tó ń dá kókó dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò ní jẹjẹrẹ ojú. Báwo ni gbogbo rẹ̀ ṣe lè jẹ́ òótọ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó dà á rú ni pé nígbà míì sẹ́ẹ̀lì kan ni ìwé ń sọ̀rọ̀ bá, nígbà míì odidi ènìyàn ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró sínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo.

Méjì méjì ni ẹ̀dà jíìnì wa, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Purotíìnì tí jíìnì RAS ń ṣe, oníṣẹ́ ni. Bí àmì bá wá láti ìta pé kí sẹ́ẹ̀lì pín, RAS á di èròjà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní GTP mú, á sì máa ké sí àwọn purotíìnì tó kàn. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gé GTP náà di GDP, ohùn rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Kò lè dá gígé yẹn ṣe kíákíá. Purotíìnì mìíràn ló ń ràn án lọ́wọ́, tó ń ti ohun kan bí ìka bọ inú àlàfo tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ GTP náà.

Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi jíìnì HRAS, ọ̀kan nínú ìdílé RAS, láti inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ wé èyí tó wà ní àlàáfíà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀: GGC ti di GTC. Lẹ́tà kan yẹn ló sọ amínò ásíìdì kejìlá nínú purotíìnì náà di fálíìnì dípò gilaisíìnì. Gilaisíìnì ló kéré jù nínú gbogbo amínò ásíìdì, ìdí nìyẹn tí àlàfo fi wà níbẹ̀ rárá. Fálíìnì ní ara jù ú lọ. Ó dí àlàfo náà, ìka kò rí ibi wọ̀, GTP kò ṣe é gé mọ́. RAS ń ké síwájú sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kankan kò rán an níṣẹ́.

Ẹ wá wo ẹ̀dà kejì nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn. Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Ó ń ké nígbà tó yẹ, ó sì ń dákẹ́ nígbà tó yẹ. Ṣùgbọ́n bí akéde méjì bá wà, tí ọ̀kan kò dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ èkejì kò pa ariwo náà. Ohun tí ẹyọ kan fi ń tó nìyẹn. Jíìnì ìdàgbàsókè gidi ni RAS tẹ́lẹ̀. Irú ìyípadà báyìí ló sọ ọ́ di ónkójíìnì, jíìnì tó ń ti sẹ́ẹ̀lì sínú jẹjẹrẹ.

RB1, tó wà lórí kúrómósómù 13, kì í ké sí ẹnikẹ́ni. Dídìmú ni iṣẹ́ tirẹ̀. Purotíìnì rẹ̀, RB, di purotíìnì mìíràn, E2F, mú ṣinṣin, nítorí pé E2F ló ń jí àwọn jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe àdàkọ DNA rẹ̀. Ìgbà tí àkókò pípín bá tó gan-an ni wọ́n á lẹ fọ́sífétì mọ́ RB lára, tí yóò sì tú E2F sílẹ̀. Bí ẹ̀dà RB1 kan bá bàjẹ́, purotíìnì tí èkejì ń ṣe ṣì tó láti di E2F mú. Bí aṣọ́bodè kan bá sùn, èkejì ṣì wà lójúfò. Àfi kí méjèèjì má sí, kí ẹnubodè tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ní báyìí, ẹ kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì kan, kí ẹ wo ọmọ náà lódindi. Ẹni tó jogún RB1 kan tó bàjẹ́, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ pátá ló ti pàdánù aṣọ́bodè kan. Rẹ́tínà, awọ fẹ́lẹ́ tó wà ní ẹ̀yìn nínú ẹyinjú, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pín kíkankíkan wà nígbà tí ọmọ wà nínú oyún àti ní kété tí wọ́n bí i. Ẹ jẹ́ ká fojú bu iye, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ká ní sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 3, ká sì ní ẹ̀dà kan ń bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan nínú mílíọ̀nù kan. Sẹ́ẹ̀lì 3 ni yóò pàdánù ẹ̀dà kejì nínú ọmọ yìí, kókó mẹ́ta sì nìyẹn, tó lè pín sí ojú méjèèjì. Ní ti ọmọ tí kò jogún nǹkan, inú sẹ́ẹ̀lì kan náà ni ìbàjẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ 3 péré nínú mílíọ̀nù kan ni yóò sì kàn. Ní òtítọ́, iye àwọn ọmọ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó ti pàdánù ẹ̀dà kan ń bí ọ̀pọ̀ irú ara rẹ̀ kí ìbàjẹ́ kejì tó dé, ìbàjẹ́ kejì sì máa ń rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, ní ti RB1, ẹ̀ẹ̀mejì ni nínú sẹ́ẹ̀lì nígbà gbogbo. Ohun tí ọmọ yẹn jogún ni ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ti san sílẹ̀ fún gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Ìbéèrè: Ta ló rí ìbàjẹ́ méjì yìí kó tó kà á?

Ìdáhùn: Ẹnì kankan kò rí i nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Ní 1971, Alfred Knudson kó àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ 48 tó ní jẹjẹrẹ rẹ́tínà jọ. Wọn ò tíì mọ RB1 rárá nígbà yẹn. Ohun tó ní kò ju ọjọ́ orí ọmọ nígbà tí wọ́n rí àrùn náà, àti bóyá ojú kan ni tàbí méjèèjì.

Ó ya àwòrán iye ọmọ tí a kò tíì rí àrùn lójú wọn bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, lórí òṣùwọ̀n lọ́gárídíìmù. Ní ti àwọn tó ní in lójú méjèèjì, ìlà náà lọ sílẹ̀ gbọọrọ láìtẹ̀, bó ṣe máa ń rí nígbà tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni a ń dúró dè. Ti ojú kan tẹ̀ kọrọdọ: ó kọ́kọ́ falẹ̀, kó tó já wálẹ̀, nítorí ohun méjì ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra wọn.

Ní 1983, Webster Cavenee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi DNA inú kókó wé DNA inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan náà. Nínú ẹ̀jẹ̀, oríṣi méjì ni àmì tó wà lórí kúrómósómù 13. Nínú kókó, ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù. Apá tó dára ti pòórá. Nígbà míì, odidi kúrómósómù ni sẹ́ẹ̀lì sọ nù nígbà tó ń pín. Nígbà míì ẹ̀dà tó bàjẹ́ ló gba ipò èyí tó dára. Ohun tí mo pè ní ìrọ̀rùn ìbàjẹ́ kejì lókè nìyẹn.

Ìbéèrè: Bí ẹyọ RAS kan bá tó lóòótọ́, ṣé òun nìkan lè sọ sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá di jẹjẹrẹ?

Ìdáhùn: Rárá o. Ó tó láti máa ké ni, kò tó láti di jẹjẹrẹ. Àwọn ènìyàn ṣì í mú nítorí àdánwò àkọ́kọ́: wọ́n fi RAS tó yí padà sínú sẹ́ẹ̀lì eku tí wọ́n ń pè ní NIH 3T3, sẹ́ẹ̀lì náà sì ya ìpátá. Ṣùgbọ́n 3T3 kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì tó pé. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń pín láìdáwọ́ dúró nínú àwo ilé àyẹ̀wò, ó sì ti pàdánù díẹ̀ nínú ohun tó ń kó o níjàánu.

Nígbà tí wọ́n fi RAS kan náà sínú sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láti inú ara, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀, bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ ní 1997. Sẹ́ẹ̀lì náà pín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró pátápátá. Wàá rí i lábẹ́ maikirosikóòpù: ó fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó wà láàyè ṣùgbọ́n kò ní pín mọ́. Ariwo àjùlọ RAS ló ta RB àti purotíìnì mìíràn, p53, jí. Ìgbà tí àwọn adènà wọ̀nyẹn bá ti bàjẹ́ ni igbe RAS máa ń rí ọ̀nà. Lójú tèmi, ibi tí ónkójíìnì àti adènà ti pàdé gan-an nìyí, èmi ò sì gbà pé a lè lóye ọ̀kan láìmọ èkejì.

Ìbéèrè: Bí mo bá ń wo èsì àyẹ̀wò kókó, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ónkójíìnì ni jíìnì kan tàbí adènà?

Ìdáhùn: Ẹ má wo aláìsàn kan, ẹ wo ibi tí ìyípadà ti ń bọ́ sí nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ti RAS ń bọ́ sí ojú kan náà léraléra: ipò 12, 13 àti 61. Ọ̀nà tí a lè gbà mú kí purotíìnì máa ké láìdáwọ́ dúró kò pọ̀. Ti RB1 fọ́nká káàkiri gbogbo jíìnì náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gé purotíìnì náà sí àárín ọ̀nà. Ìdí ni pé ibi yòówù kí a ti ba nǹkan jẹ́, ó ti bàjẹ́.

TP53, jíìnì tó ń ṣe p53, kò tẹ̀ lé òfin yìí tán. Adènà ni, àmọ́ ìyípadà rẹ̀ sábà máa ń kóra jọ síbì kan. Mẹ́rin mẹ́rin ni p53 máa ń so pọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Bí ìdajì purotíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe bá lálèébù, tí wọ́n sì ń so pọ̀ bó ṣe bá wọn, ìdajì lọ́nà mẹ́rin ni: ọ̀kan nínú 16 péré ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹ̀ yóò dára. Ẹ̀dà kan tó bàjẹ́ ti ń fa èkejì sẹ́yìn kí òun náà tó bàjẹ́.

Ìbéèrè: Ojú kan péré ni ọmọ kan ti ní jẹjẹrẹ rẹ́tínà. Ṣé àbúrò rẹ̀ wà nínú ewu?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, nítorí díẹ̀ nínú àwọn tó ní in lójú kan náà ní àléébù RB1 nínú gbogbo ara wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ìyípadà RB1 nínú kókó tí wọ́n yọ, bó bá wà, kí wọ́n tó wá a nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Bó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á yẹ òbí àti àbúrò wò. Àbúrò tó bá ní in, dókítà ojú gbọ́dọ̀ máa yẹ rẹ́tínà rẹ̀ wò láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láyé, láìdúró de ìgbà tí ọmọ ojú rẹ̀ bá yọ funfun nínú fọ́tò, nítorí kókó ti máa ń tóbi kí funfun yẹn tó hàn.