Owó ike ṣínṣín ti gùn: bí a ṣe ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kí oníbàárà má baà sá

Ká mú obìnrin kan tó ń dín ṣínṣín tà ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà. ₦5,000 ló ń ta ike ńlá kan, ó sì ń fi òmíràn ránṣẹ́ sáwọn akẹ́kọ̀ọ́ n'Ífẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò. Fúláwà, bọ́tà, ṣúgà, òróró, gáàsì àti ike fúnra rẹ̀ ń gba ₦3,900 tẹ́lẹ̀. Nígbà tó tún un ṣírò, ó ti di ₦4,500. Èrè ₦1,100 ti di ₦500. Ó pinnu pé ₦5,600 lòun yóò máa tà á báyìí. Ìṣirò parí síbẹ̀, ó wá ku ohun tó máa kọ sábẹ́ àwòrán lórí Wásáàpù.

Àmọ́ kí ó tó gbé àwòrán kankan jáde, àwọn kan wà tí wọn ò gbọdọ̀ bá ọ̀rọ̀ náà pàdé níta. Àwọn tó ti sanwó ni. Ká ní àwọn mẹ́jọ ti san ₦5,000 tí wọn ò tíì gba ike wọn. Bí wọ́n bá rí iye tuntun lójijì, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni pé wọ́n máa ní kí àwọn fowó kún un. Nítorí náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kó kọ̀wé sí: “Ẹ káàsán mà. Owó ike máa yí padà lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kò kan tiyín. Iye tí ẹ san náà ni.” ₦4,800 ni oore yìí máa ná an, ìyẹn ₦600 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ike mẹ́jọ náà. Ìlú àwọn Òṣómàáló ni Iléṣà, àwọn tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri abúlé, tí wọ́n sì ń lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi sanwó. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, iye tí a bá ti fẹnu kò sí kì í yí padà lẹ́yìn. Kó má sì gbẹ́kẹ̀ lé àtẹ̀jíṣẹ́ alápapọ̀ ti Wásáàpù fún èyí o, torí ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù nìkan ni irú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ ló wá kàn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ púpọ̀ fún ìfẹ́ àti àtìlẹ́yìn yín láti ọjọ́ yìí wá…” Ìlà díẹ̀ ló ń hàn lábẹ́ àwòrán kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti ka ìyókù. Ìkíni nìkan ni èèyàn á rí, owó tuntun á sì fara pamọ́ sísàlẹ̀. Bó bá yá, oníbàárà á ní wọn ò sọ fóun. Síbẹ̀, kò ṣeé ṣe kí èèyàn já lu ọ̀rọ̀ owó láìkíni, pàápàá nígbà tí àwọn àgbàlagbà wà lára àwọn tó ń rà á. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún ìkíni, kí owó àti ọjọ́ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀:

“Ẹ kú àtìlẹ́yìn o. Láti ọjọ́ Ajé, ike ńlá kúrò ní ₦5,000, ó di ₦5,600. Fúláwà àti òróró ló gbówó lórí. A ò dín inú ike kù, a ò sì pààrọ̀ bọ́tà. Ẹni tó bá sanwó kó tó di alẹ́ Àbámẹ́ta yóò gbà á ní ₦5,000, ike mẹ́ta péré fún ẹnì kan. Ọ̀rá kékeré ṣì wà ní ₦1,000.”

Fúláwà àti òróró nìkan ló dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì náà gùn. Ẹni tó ń kà á ń ra òróró lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, ó mọ iye tó rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò nílò ẹ̀rí. Bó bá to dọ́là, epo ọkọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé ìwé ọmọ jọ, ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ló dà, ẹni tó ń kà á á sì máa wá èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Gbólóhùn “a ò dín inú ike kù” ló lágbára jù lójú tèmi, nítorí oníbàárà ti mọ ọgbọ́n àwọn tí kì í fowó lé ọjà, tí wọ́n kàn ń dín in kù ní jẹ́jẹ́. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, kó má kọ ọ́ rárá.

Ìdí tó fi ní ike mẹ́ta péré ni pé ẹnì kan n'Ífẹ̀ ń rà á láti tún tà. Bí onítọ̀hún bá kó 30 níye àtijọ́, ₦18,000 ti lọ nìyẹn. Ohun èlò tó rà kí owó tó gùn ló yẹ kó fi díwọ̀n oore náà: bí èyí tó kù nílé bá máa ṣe ike 25, ibẹ̀ ni kí iye àtijọ́ parí sí, ì báà má tíì di alẹ́ Àbámẹ́ta. Kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ẹlẹ́tàn.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń gbàgbé. Àwòrán orí sítétọ́ọ̀sì ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, ṣùgbọ́n àwòrán iye ọjà tó wà nínú àtòjọ ọjà lórí Wásáàpù, àti èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìta ṣọ́ọ̀bù, kì í lọ fúnra rẹ̀. Òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ṣe ní 2018, kò gbà kí ọlọ́jà gba owó tó ju èyí tó gbé síta lọ. Bí iye méjì bá wà níta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó kéré ni oníbàárà lè dì mú.

Ti ọjà tó pẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń retí ẹrù kò kọ́kọ́ ń bèèrè ìdí, ìgbà tí yóò dé ló ń bèèrè. “Ṣínṣín tó yẹ kó dé Ifẹ̀ lónìí di Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ bàjẹ́, ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ wa n'Íléṣà. Bí òde yín bá jẹ́ ọ̀la, ẹ pè wá kó tó di aago méje, a ó dá owó yín padà lálẹ́ òní.” Bí òun fúnra rẹ̀ bá rò pé Ọjọ́rú ló máa dé, Ọjọ́bọ̀ ni kó kọ. Wọ́n á fara da ìyíọjọ́padà kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kejì ló máa ń mú wọn bínú. Kò sì gbọdọ̀ pa àfikún owó àti ìdádúró pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan náà.

Àwọn tó bá kọ “ó ti wọ́n jù” sísàlẹ̀ kọ́ ni kó bẹ̀rù. Ẹni tó ń ráhùn ṣì fẹ́ rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ra ike méjì tẹ́lẹ̀ tó wá ń ra ẹyọ kan, àti ẹni tó bọ́ sórí ọ̀rá kékeré. Wásáàpù ń fi orúkọ àwọn tó wo sítétọ́ọ̀sì hàn. Oníbàárà àtijọ́ tó ń wò ó lójoojúmọ́ tí kò bèèrè nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun ló ti ń lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó pè é lórí fóònù, kó kí i dáadáa, kó bèèrè bóyá ọ̀rá kékeré á tó fún un lóṣù yìí.